Píríọ́ọ̀sì àbí Kónà oníná: ẹ wo kúláǹtì àti epo jíà wọn kí ẹ tó sanwó

Ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Àkọ́kọ́ ni Tòyótà Píríọ́ọ̀sì 2010 sí 2015, tó ń lo bẹntiróòlù pẹ̀lú iná. Èkejì ni Họ́ńdáì Kónà oníná tó jáde láti 2018 sí 2022, tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ oníná fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí sáfíìsì lórí rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ kò ní ra epo ẹ́ńjìnnì mọ́. Ṣùgbọ́n kúláǹtì wà nínú rẹ̀, epo jíà náà wà níbẹ̀, kò sì gba gbẹ̀rẹ́ lórí ohun tí wọ́n bá dà sí i.

| | Píríọ́ọ̀sì | Kónà oníná |
|---|---|---|
| Kúláǹtì | Pínkì, ọ̀nà méjì tí kò pàdé | Ewéko tàbí búlúù, ẹ wo sítíkà |
| Ohun tó ń mú bátìrì tutù | Atẹ́gùn inú ọkọ̀ | Kúláǹtì |
| Epo jíà | Bíi lítà 3.4, ATF WS | Bíi lítà 1, 70W GL-4 |

Kúláǹtì Píríọ́ọ̀sì

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí ike kúláǹtì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Èkejì jẹ́ ti ínfátà, àpótí tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí mọ́tò iná ọkọ̀ lè lò. Kúláǹtì pínkì Tòyótà kan náà ló wà nínú méjèèjì, ilé iṣẹ́ sì ti po omi mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ẹ má fi omi kankan kún un.

Ìlànà Tòyótà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ wa ti ń wá, ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ti ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bíi kìlómítà 160,000 tàbí ọdún 10, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ti ínfátà di nǹkan bíi 240,000 tàbí ọdún 15. Ká ní ẹ rí Píríọ́ọ̀sì 2012 tó ti rin 180,000. Kúláǹtì ẹ́ńjìnnì ti yẹ kó kúrò láti 2022. Ti ínfátà ò tíì rìn tó, ṣùgbọ́n ní 2027 ọjọ́ orí rẹ̀ á pé. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ìwé kankan hàn, ẹ fi owó pípààrọ̀ méjèèjì kún iye tí ẹ fẹ́ ná.

Pọ́ǹpù kékeré kan ló ń ti kúláǹtì ínfátà kiri. Ní àárọ̀ tí ọkọ̀ ṣì tutù, ẹ ní kí wọ́n tàn án títí READY fi hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wo inú ike ínfátà. Kúláǹtì gbọ́dọ̀ máa ru. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù ti kú, sikánà sì lè gbé kóòdù àṣìṣe P0A93 jáde. Pọ́ǹpù náà kò wọ́n bíi ínfátà tí yóò bà jẹ́ tí ẹ bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú Píríọ́ọ̀sì yìí ni gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Páìpù kan wà tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kúlà tirẹ̀ tí kúláǹtì ń gbà kọjá. Èédú èéfín máa ń dí kúlà yìí lọ́dún lọ́dún, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nínú lọ́hùn-ún, títí gáskẹ́ẹ̀tì á fi jó. Kúláǹtì á wá máa ká sínú ẹ́ńjìnnì lóru. Àmì rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èéfín funfun lè tẹ̀lé e, kúláǹtì inú ike á sì máa dín kù láìsí ibi tó ti ń jò sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbà kí wọ́n ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè yín. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó kọ̀ ti dá yín lóhùn.

Kúláǹtì Kónà

Níbí, kúláǹtì ń gba abẹ́ bátìrì tó ju fóòtì 300 lọ kọjá. Bó bá jò sínú bátìrì, tí iná sì lè gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀ràn ti dé. Ìdí nìyí tí Họ́ńdáì fi kúrò lórí kúláǹtì ewéko tí àwọn Kónà àkọ́kọ́ ń lò, tó bọ́ sórí búlúù tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà kọjá. Búlúù yìí wọ́n, ó sì ń tètè tó pààrọ̀ ju ewéko lọ. Tí wọ́n bá fi ewéko kún búlúù, tàbí tí wọ́n da omi ẹ̀rọ sí i, ohun tí ẹ sanwó fún ti bà jẹ́, torí iyọ̀ inú omi ń gbé iná. Píọ́ wọ́tà náà kò yàtọ̀.

Sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa sọ irú tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ inú ike pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ búlúù ló yẹ, tí ẹ sì rí àwọ̀ kan tó dà bí àdàlù, ẹ má bá wọn dúnàá-dúrà, ẹ máa lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni afẹ́fẹ́ tó máa ń há sínú páìpù lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀: sikánà ni wọ́n fi ń mú àwọn pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde. Mẹkáníìkì tí kò ní irú sikánà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u.

Epo jíà

Nínú Píríọ́ọ̀sì, epo jíà ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń fi ọ̀rá sí jíà, ó sì ń mú wáyà mọ́tò iná tutù, torí inú epo yẹn ni wọ́n wà. ATF WS nìkan ni kí ẹ lò. Epo CVT, ti jíà oníbẹ́líìtì, kò bá a mu. Tòyótà kò dá àkókò kan fún pípààrọ̀ rẹ̀, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ní. Èmi á pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 100,000, torí lítà mẹ́ta àti díẹ̀ kì í ṣe owó ńlá. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà rọ epo ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tú kó tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá kọ̀ láti tú, ẹ kò ní ti da epo nù.

Ti Kónà kéré, jíà nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. Kúláǹtì ló ń mú mọ́tò iná rẹ̀ tutù. Síbẹ̀ àwọn tó ti tú u rí i pé ó máa ń dúdú kíákíá, kódà nígbà tí ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà. Àwọn kan fi nọ́ọ̀tì onímágínẹ́ẹ̀tì rọ́pò ti ilé iṣẹ́ kó lè kó èéfọ́ irin. Bí ẹrẹ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò burú. Bí ẹ bá rí wóńwó irin, béárì tàbí jíà ti ń jẹ. Ẹ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà náà: ẹ pa rédíò, ẹ wà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tú ẹsẹ̀ lórí totù. Ìró kẹ́kẹ́kẹ́ tàbí ohùn tó ń ga bí eré ṣe ń pọ̀ sí i jẹ́ ìdí láti ní kí wọ́n tú epo yẹn wò.

Éésì pẹ̀lú

Iná ńlá ló ń yí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ éésì nínú méjèèjì, epo inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í gbé iná. Tòyótà ń lo ND-11. Bí ẹni tó ń rọ gáàsì lẹ́bàá ọ̀nà bá fi epo PAG ti éésì ọkọ̀ lásán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kún un, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kóòdù P0AA6 á sì yọjú. Nínú Píríọ́ọ̀sì, éésì tó kú máa jẹ́ kí bátìrì gbóná díẹ̀díẹ̀, torí atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló ń lò. Nínú Kónà, éésì gan-an ló ń mú kúláǹtì bátìrì tutù nígbà tí oòrùn bá mú. Mi ò lè ra Kónà tí éésì rẹ̀ kò tutù, bí wọ́n ti wù kí wọ́n gé owó rẹ̀ tó.

Tí ẹ kò bá ní ẹni tó lè rí búlúù yẹn rà, tó sì ní sikánà, Píríọ́ọ̀sì tó bá yege ìdánwò òwúrọ̀ ni kí ẹ mú.