Yàrá ogójì n'Ífẹ̀: nínú ìwé ẹ̀dínwó méjì, èwo ni kí ẹ fọwọ́ sí?

Ká ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ ṣe àpérò n'Ílé-Ifẹ̀, ẹ sì nílò yàrá 40 fún òru mẹ́ta. Bí a bá ka yàrá kan lóru kan sí ọ̀kan, 120 nìyẹn. ₦30,000 ni òtẹ́ẹ̀lì náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn yà wọlé. Máníjà wá gbé ìwé méjì síwájú yín.

Èkíní ní ₦22,000, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún 96 nínú 120 náà. Èyí tó bá dín sí 96, ẹ̀yin lẹ máa san án. Èkejì ní ₦26,000, kò sí onídùúró. Tó bá ku ọjọ́ 21 kí àpérò bẹ̀rẹ̀, yàrá tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà bọ́ sọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì padà.

Ojú máa kọ́kọ́ lọ síbi ₦22,000. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ yàrá 20 péré ni àwọn èèyàn sùn sí, 60 nìyẹn. Ó ku 36 kó tó pé 96, ìyẹn ₦792,000. Àlejò ló jẹ ẹ̀dínwó, àpò ẹgbẹ́ ló san gbèsè. Ẹ má fi iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ṣírò o. Ará Iléṣà àti Òṣogbo máa lọ sùn sílé wọn. Iye ẹni tó sùn lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ wò: tí kò bá tó yàrá 32, ìwé kejì ni tèmi. Àléébù tiẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wa kì í tètè sanwó. Ẹ bẹ máníjà kí ọjọ́ 21 di 14.

Tó bá jẹ́ ìwé kìíní lẹ mú, ibi tó léwu jù ni bí wọ́n ṣe máa ka 96 náà. Ká ní yàrá 40 kún lóru kìíní àti ìkejì, tí ìdajì wá lọ sílé kí òru kẹta tó tó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100, ẹ ò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òru kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, 32 ló yẹ kó kún lóru kẹta. 20 ló kún, ẹ jẹ wọ́n ní ₦264,000. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A gba ₦22,000, tí owó-orí àti oúnjẹ àárọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ fi ka 96 náà, kì í ṣe òru kọ̀ọ̀kan. Yàrá wa tí ẹ bá sì rí ẹlòmíràn gbé fún, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè wa.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni máníjà máa fẹ́ yẹ̀ sílẹ̀, torí kò wù ú kó máa ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àlejò rẹ̀ hàn yín. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní kó sọ 96 di 84.