Aṣọ ẹbí: ṣé léèsì ni àbí gèlè nìkan?

Bí wọ́n bá ti mú aṣọ ẹbí dé, ìbéèrè kan náà ni: ṣé kí n ra léèsì, àbí kí n mú gèlè nìkan, kí n fi aṣọ ara mi sí i?

Owó léèsì kì í dá wá. Ká ní ọ̀pá márùn-ún jẹ́ ₦60,000. Owó ìránṣọ ₦25,000 àti aṣọ inú ₦5,000 ti sọ ọ́ di ₦90,000, a ò tíì dárúkọ gèlè. Gèlè nìkan lè má ju ₦12,000 lọ, kò sì ní wàhálà télọ̀. Léèsì tó bá dọ́wọ́ télọ̀ lọ́sẹ̀ òde, òru mọ́jú ọjọ́ òde lẹ máa gbà á, ọwọ́ rẹ̀ á sì fún.

Àmọ́ gèlè ní ewu tirẹ̀: ojú ayé. Àwọn tó ń pín ẹ̀bùn máa ń wo aṣọ kí wọ́n tó nawọ́ ike. Mo ti rí i tí wọ́n fo onígèlè kọjá.

Bó bá jẹ́ àbúrò yín ló ń ṣègbéyàwó, tẹ́ ẹ máa wà nínú fọ́tò ẹbí, léèsì ló yẹ. Ojúlùmọ̀ ibi iṣẹ́ ńkọ́? Gèlè tó, kí àwọ̀ aṣọ yín ṣáà bá a mu.