Bíìlì omi ₦42,500: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn olómi ẹ́sítéètì wa

Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti bíìlì omi sí abẹ́ ilẹ̀kùn wa. Nǹkan bíi ₦7,000 ni mo máa ń san lóṣù, torí náà mi ò sáré tú u. Ìgbà tí mo gé àlùbọ́sà ọwọ́ mi tán ni mo tó ṣí i, mo sì rí ₦42,500. Mo wo orúkọ, mo wo nọ́ńbà ilé, mo mú ìwé náà jáde lọ fi wé nọ́ńbà ara mítà. Tiwa ni. Wọ́n ní yúnìtì 85 ni a lò. Oṣù tó ṣáájú, 14 ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń fa omi láti inú bohóòlù lọ sínú táǹkì gíga, tí wọ́n wá ń pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Yúnìtì kan jẹ́ 1,000 lítà, ₦500 sì ni owó rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí a ti wà níbẹ̀, omi wọn kì í lọ, tọ̀sán-tòru. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí pé inú bí mi púpọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú gbé òtítọ́ mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kí mi dáadáa, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ Mọ̀mí, ẹ jókòó.” Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìwé náà, ohun tó sọ ni pé, “Mọ̀mí, omi tó bá ti gba inú mítà yín kọjá, ẹ ti rà á nìyẹn.” Mo ní, “Ọmọ mi, a kò lo omi yìí.” Ó wo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, “Oṣù kẹfà ni. Ṣé kì í ṣe àwọn àlejò Ojúde Ọba ló lò ó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ. Lóòótọ́ la gba àlejò. Àbúrò ọkọ mi àti ìdílé rẹ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì dúró wo Ojúde Ọba. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò. Mo gba bírò lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá tilẹ̀ lo 150 lítà lójúmọ́, tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ń fọ aṣọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,500 lítà. Kò tó yúnìtì márùn-ún. Ohun tó lé lórí bíìlì wa jẹ́ yúnìtì 71, ìyẹn 71,000 lítà, omi ọkọ̀ táńkà ẹlẹ́gbàárùn-ún lítà méje. Níbo ni àlejò mẹ́fà fẹ́ da táńkà omi méje sí?

Ìgbà tó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi ni mo rí ohun tí mi ò tíì lè gbàgbé títí di òní. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni òṣìṣẹ́ wọn wá ka mítà wa. Nọ́ńbà oṣù tó ṣáájú wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé tó fi ń kà á. Ó rí 14, ó kọ 85, ó sì kọjá sí ilé kejì. Wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ bíìlì jáde, kò sì sí ẹni tó pè wá. Nọ́ńbà fóònù mi wà lókè ìwé náà! Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà lọ́wọ́ wọn kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, kò rí èsì fọ̀. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Ohùn mi ló mú ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó mítà wọn jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Àgbà ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní, “Ìyá, ẹ má sunkún. Omi ń jò níbì kan nílé yín. Ẹ jẹ́ ká wá ibẹ̀ ná, ká tó sọ̀rọ̀ owó.” Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ jíjò sí mi létí.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ní alẹ́, kí a pa gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, kí táǹkì orí òpó ti kún dẹ́nu kí omi má baà máa wọ inú rẹ̀ mọ́. Kí a wá lọ wo ìràwọ̀ pupa kékeré tó wà lójú mítà. Bí ìràwọ̀ yẹn bá ṣì ń yí, omi ń lọ síbì kan. Lẹ́yìn náà, kí a pa géètì fáàfù tó wà lára ògiri ilé. Bí ìràwọ̀ bá dúró, inú ilé ni ọ̀ràn wà, ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ó ní kí a da omi sóbò díẹ̀ sínú táǹkì ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á fún ìdajì wákàtí. Bí pupa bá dé inú àwo ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ń jò. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ kò bá dúró lẹ́yìn tí a pa fáàfù, a jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni, láàárín mítà àti ògiri.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi mú tọ́ọ̀ṣì lọ sídìí mítà lẹ́bàá géètì. Ìràwọ̀ ń yí. A pa fáàfù ara ògiri, ó ṣì ń yí, kò tilẹ̀ dẹwọ́. A kọ nọ́ńbà pupa sílẹ̀, torí pé àwọn dúdú ni yúnìtì, àwọn pupa ni lítà. Lẹ́yìn wákàtí kan, 96 lítà ti lọ, láìsí ẹnikẹ́ni tó bu omi mu.

Púlọ́ńbà kan láti Mólípa wá lọ́jọ́ kejì. Ó fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí mítà wá sí ilé, ó sì ń fi etí lé orí ọ̀pá náà. Níwájú géètì, níbi tí mọ́tò ń gbà wọlé, ó ní kí n wá gbọ́. Mo gbọ́ ọ: ṣíìì, bí ìgbà tí ọ̀rá bá ń gbóná nínú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ ní ọjọ́ 12, páìpù náà kò jìn ju ìka méjì-mẹ́ta lọ sí abẹ́ òkúta. Ẹ́lìbò ibẹ̀ ti sán, omi ń tú síta láti ojú ibi tó sán sí. Ilẹ̀ wa jẹ́ yanrìn, ó ń fa omi mu. Èyí tí kò mu ń gba abẹ́ fẹ́ǹsì lọ sínú gọ́tà, àsìkò òjò sì ni, ta ló máa fura sí gọ́tà tó lómi nínú?

Bàbá onímítà wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé ni, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ihò pẹ̀lú púlọ́ńbà. Ó ṣírò 96 lítà lọ́nà wákàtí 24, ó jẹ́ bíi 2,300 lítà lójúmọ́. Ó wá fi pín 71,000. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ìyá, kí ló gba orí ibí yìí kọjá ní ìparí oṣù karùn-ún?” Mo rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: típà tó gbé yanrìn wá fún aládùúgbò wa tó ń kọ́lé. Iwájú géètì wa ló ti yí padà. Ó ní kí púlọ́ńbà ri páìpù tuntun sílẹ̀ dé orúnkún, kí wọ́n sì ti apá rẹ̀ tó wà níbi tí mọ́tò ń gbà sínú páìpù irin. Ó kọ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo rí fi ṣe é lálejò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀.

Òun náà ló sọ fún mi pé òfin wọn fàyè sílẹ̀ fún irú ọ̀ràn báyìí. Bí jíjò bá wà lẹ́yìn mítà, ọ̀dọ̀ onílé ni àtúnṣe wà. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ abẹ́ ilẹ̀, tí onílé sì tún un ṣe kíákíá, wọ́n á gba owó kíkún lórí ohun tó máa ń lò, wọ́n á sì gba ₦200 péré lórí yúnìtì tó lé, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná láti fa omi náà. Ó kan bíìlì méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọdún méjì. Mo kọ lẹ́tà, mo fi rísíìtì púlọ́ńbà sí i, fọ́tò ẹ́lìbò tó sán nínú ihò, fọ́tò páìpù tuntun kí wọ́n tó bò ó, àti nọ́ńbà mítà alẹ́ méjì lẹ́yìn àtúnṣe tó fi hàn pé ìràwọ̀ ti dúró. Púlọ́ńbà ti fẹ́ da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò ó kí n tó ya fọ́tò. Mo ní kó dúró. Ẹni tó bá bò ó tán, kí ló fẹ́ fi hàn wọ́n?

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni èsì fi dé. ₦42,500 di ₦21,200: ₦7,000 tiwa, àti yúnìtì 71 ní ₦200. Mo dúpẹ́, mo sì tún dúpẹ́ lọ́jọ́ tí bíìlì oṣù keje dé, torí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyíinì náà láìjẹ́ pé mo tún kọ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n bíìlì oṣù keje yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ka mítà títí di ọjọ́ tí a tún páìpù ṣe, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni omi fi ń jò. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ ni bíìlì mi fi wà lórí tábìlì wọn. Nǹkan bíi yúnìtì 25 ló bá ìyẹn lọ, ₦5,000. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo ní kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò pátápátá, torí pé ká ní wọ́n pè mí ní ọjọ́ 28, ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Màmá, ṣùgbọ́n òfin wa kò fún mi láṣẹ.” Mo ní ṣé òfin wọn fún wọn láṣẹ láti wo 85 kí wọ́n sì dákẹ́? Ó ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Oṣù méjì rèé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òfin ẹ̀dínkù yẹn kò sì sí lára bíìlì wọn, ọmọbìnrin ìdí tábìlì náà kò mẹ́nu bà á. Ká ní bàbá yẹn kò gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà, mi ò bá ti san gbogbo ₦42,500.

Máàkì tí mo fún wọn: 4 nínú 5. Omi wọn kò lọ rí, bàbá onímítà sì wọ inú ihò nítorí wa. Mo ṣì ń bèèrè ₦5,000 mi.