Rénkóòtù rọ́bà àbí jákẹ́ẹ̀tì tó ń mí: ohun tí òjò alẹ́ ọjọ́ kan fi yé mi nídìí iṣẹ́ sikiọ́rítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra nǹkan tẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ òru lásìkò òtútù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ kan fún yín kẹ́ ẹ tó náwó. Àwa méjì la wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ọgbà ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan la ń ṣọ́ láti aago 7 alẹ́ di aago 7 àárọ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kálukú wa á rìn yí apá tiẹ̀ ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì fún bí ìṣẹ́jú 25, ká tó padà wá dúró sí géètì. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 9, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Òjò kan náà ló pa àwa méjèèjì, iṣẹ́ kan náà la ṣe, nǹkan tó wà lára wa nìkan ló yàtọ̀, ohun tó jẹ́ kí n lè fi wọ́n wéra fún yín nìyẹn.

Aṣọ òjò

Rénkóòtù rọ́bà tó nípọn ni mo wọ̀, ká pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ká dà á lé e lórí, kò ní wọlé. Ti ẹ̀gbọ́n fúyẹ́, irú jákẹ́ẹ̀tì tó ní awọ tín-ín-rín láàárín tó ń dí òjò lọ́nà àmọ́ tó ń jẹ́ kí ooru ara jáde, ó sì ní síìpù lábẹ́ apá méjèèjì téèyàn lè ṣí. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ mo rò pé tèmi ló lágbára jù. Kó tó di aago 1 òru, aṣọ tí mo wọ̀ sábẹ́ ti rin gbingbin, ẹ̀yìn mi tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, rénkóòtù yìí ti ń jò o." Wọ́n ní kí n bọ́ ọ, wọ́n yí inú ẹ̀ síta, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní "Kò jò. Òógùn ẹ nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe mọ̀ rèé, torí ẹ̀yin náà máa nílò ẹ̀. Tí aṣọ òjò bá ń jò, ojú rírán lomi máa ń gbà, ẹ máa rí i bí ìlà lórí èjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù, tàbí níbi tí wọ́n ti rán fìlà ẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ òógùn, gbogbo inú ẹ̀ ló máa tutù pọ̀, ẹ̀yìn, abẹ́ apá, inú apá aṣọ látòkè dé ọwọ́, omi wẹ́wẹ́ á sì tò sára rọ́bà bíi tara ife omi tútù. Bí tèmi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìrìn ìṣẹ́jú 25 yẹn ń mú kí n làágùn, rọ́bà ò jẹ́ kó ríbi gbà jáde, tí mo bá wá dúró sí géètì, omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru kúrò lára mi. Omi sì ń fa ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ kì í rìn, pé ẹ kàn ń dúró sí géètì tẹ́ ẹ̀ ń ṣí i tẹ́ ẹ̀ ń tì í, rọ́bà dáa fún yín, kì í tètè ya, kò sì wọ́n. Ẹni tó bá ń rìn, jákẹ́ẹ̀tì tó ń mí ni kó rà, àmọ́ kó mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Tí aṣọ òkè ẹ̀ bá ti ń mu omi, á dúdú ní àbùlẹ̀ àbùlẹ̀ dípò kí òjò máa yí dànù lórí ẹ̀, nígbà yẹn kò lè mí dáadáa mọ́, ẹ ní láti fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì tún fín oògùn tó ń lé omi sí i. Síìpù abẹ́ apá ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ti wù kí òjò le tó, èmi ò sì ní ra èyí tí kò ní in mọ́ láé.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wá nọ́ńbà mìlímítà tó wà lára ẹ̀. Ìyẹn ni gíga omi tí aṣọ náà lè gbé dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. 1,500 ò lè gba òjò alẹ́ mọ́jú, 10,000 ni kẹ́ ẹ wá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé báàgì kọ́ èjìká, torí okùn báàgì máa ń tẹ omi wọlé. Kẹ́ ẹ sì yí i sódì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n lẹ téèpù bo gbogbo ojú rírán pátá. Àwọn míì ń lẹ ti èjìká nìkan.

Ẹsẹ̀

Ibí yìí ló dùn mí jù, torí búùtù aláwọ tí mo wọ̀ dáa gan-an, omi ò gba ara ẹ̀ wọlé rárá. Òkè ló gbà. Òjò ń ṣàn láti etí rénkóòtù sórí itan mi, ó ń gba ṣòkòtò lọ sára ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wá fà á wọnú búùtù. Tí búùtù bá sì ń dí omi lọ́nà, omi tó bá ti wọ inú ẹ̀ kò ríbi jáde mọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wọ ṣòkòtò òjò, wọ́n sì fi ẹnu ẹ̀ bo búùtù látòkè, wọn ò kì í bọ inú búùtù bí èmi ṣe máa ń ṣe.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú ni tèmi, ti wọn jẹ́ ti irun àgùntàn. Òwú tó bá ti mu omi á lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ẹsẹ̀, kò sí ooru kankan níbẹ̀ mọ́. Irun àgùntàn náà ń mu omi o, àmọ́ kì í wó palẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní tutù jù. Wọ́n tún ní méjì míì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, wọ́n fún mi ní ọ̀kan, wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ kí n fi ọ̀rá bọ ẹsẹ̀ lé e kí n tó ki ẹsẹ̀ padà sínú búùtù tó rin. Ẹsẹ̀ làágùn díẹ̀ ṣá, àmọ́ mo tún mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lára, mo sì fi parí iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń ra búùtù, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ dán an wò. Búùtù tó bá há kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráàyè dé ìka, ìbọ̀sẹ̀ tó dáa nínú búùtù tó há tutù ju ìbọ̀sẹ̀ lásán lọ.

Tọ́ọ̀ṣì

Ìmọ́lẹ̀ tèmi jẹ́ lúmẹ̀nì 1,000 lára páálí, kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ torí ó ti gbóná. Ó tún jẹ́ ti orí, nínú òjò ìyẹn ló burú jù, torí ìtòsí ojú ni iná ti ń jáde, gbogbo ẹ̀kán òjò ń dá a padà sójú mi, mi ò rí fẹ́ǹsì. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ lúmẹ̀nì 300 tí kì í yí padà, wọ́n ń mú un sísàlẹ̀ níbàdí, wọ́n ń rí ọ̀nà kedere. Tó bá jẹ́ IPX4 lẹ rí lára tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fẹ́ rà, omi tó ta sí i nìkan ló lè gbà, IPX7 lè wọ omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Àmọ́ ẹ tẹ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì ẹ̀ pa dáadáa o, tèmi là sílẹ̀, ó kú ní aago 4.

Ṣòkòtò òjò àti ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ rà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà jákẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì ló gbẹ̀yìn. Rénkóòtù rọ́bà yẹn ṣì wà níbi tí mo gbé e kọ́ sí ní géètì, ọjọ́ tí wọ́n bá fi mí sídìí géètì látòru mọ́jú ni mo máa ń wọ̀ ọ́.