Wáyà, ike ìdalẹ̀nù àti ẹni tó ń kọjá: Fill ni àbí Content-Aware Fill?

Ọ̀nà méjì wà nínú Photoshop láti yọ ohun tí ẹ kò fẹ́ kúrò nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò ìyàwó kan ní ẹ̀gbẹ́ títì Bẹẹrẹ wò ó: wáyà iná gba ojú ọ̀run kọjá, ike ìdalẹ̀nù wà lẹ́bàá ògiri, ọkùnrin kan sì ń kọjá lọ lẹ́yìn ìyàwó.

Fún wáyà, `Edit > Fill` (Shift+F5) ti tó. Ẹ yan Content-Aware níbẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí àlà tí ẹ kọ́kọ́ fà yí wáyà ká fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, torí etí rẹ̀ máa ń ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá fún un pọ̀ jù, ilà eérú kan á ṣẹ́ kù lójú ọ̀run. Orí fọ́tò gan-an ni Fill ń kun, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl+J kí ẹ ní ẹ̀dà.

Ara ọkùnrin yẹn ni iṣẹ́ wà. Fill kì í bi yín níbi tó ti fẹ́ mú àwọ̀, ó sì lè gé léèsì ìyàwó lẹ̀ mọ́ ògiri (mo ti rí i lára fọ́tò tí wọ́n ti sanwó rẹ̀!). `Edit > Content-Aware Fill`, tó dé ní 2018, máa ń fi àwọ̀ ewé hàn níbi tó fẹ́ ti mú nǹkan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á rẹ́ lára ìyàwó àti fèrèsé, kó ku ògiri àti ilẹ̀. Ẹ má gbàgbé òjìji ọkùnrin náà. Ní Output To, ẹ yan New Layer.

Bákan náà ni ti ike. Àmọ́ bí ọkùnrin náà bá bo apá ìyàwó, ẹ wá fọ́tò mìíràn: àti Fill àti Content-Aware Fill, kò sí èyí tó lè mọ bí apá náà ṣe rí.