Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ọ̀run fọ́tò: Healing Brush àbí Gradient Tool?

Wọ́n kọ “Ẹ kú ìnáwó” gbàgàdà sójú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ nínú fọ́tò kan, a sì fẹ́ fi Photoshop pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Healing Brush yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí etí búrọ́ọ̀ṣì bá fara kan lẹ́tà tó kù, àwọ̀ lẹ́tà á ràn wọ inú ọ̀run, á di àbàwọ́n.

Gradient Tool gba sùúrù. Yí fọ́tò sí 16 Bits/Channel, fi Eyedropper mú àwọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, fà á sórí léyà tuntun, fi màásìkì jẹ́ kó hàn níbi tí lẹ́tà wà nìkan. Wá fi Add Noise díẹ̀ sí i, bíi 1%. Láìsí ìyẹn, ìlà-ìlà lè yọ tó o bá sọ ọ́ di JPEG. (Fa Curves sókè gan-an wò, àpá tó sá pamọ́ á yọjú.)

Tí ọ̀run bá mọ́ gaara, Gradient ni mo máa ń lò. Tí kùrukùru bá gba ẹ̀yìn lẹ́tà kọjá, Healing Brush ni, torí Gradient á pa kùrukùru náà rẹ́.