Ìtẹ̀síwájú, Ẹ̀ka, Àtúnbẹ̀rẹ̀ àti Àtúnṣe: Èwo Gan-an Lo Fẹ́ Rà?

Ní ìparí ọdún kan, mo ra àpapọ̀ díìsì Dynasty tuntun, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan, fún ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí a ṣì ń gbé ní Súrùlérè, wọ́n ti wo ti àtijọ́, èyí tí wọ́n gbé jáde láti 1981 sí 1989, lórí káséètì tí a máa ń yá. Ìparí rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn rí, nítorí pé ibi tí wọ́n ti yìnbọn lu Blake Carrington, baálé ìdílé tí ìtàn náà dá lé, tí Alexis ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ sì já láti orí báńkónì, ni wọ́n já ìtàn náà sí. Ọkùnrin tó tajà fún mi ní ìtẹ̀síwájú ni tuntun yìí, pé inú rẹ̀ ni a óò ti mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe yọrí. Mo sanwó. A kò tíì wo apá àkọ́kọ́ tán tí ìyá mi fi ní kí n dá a dúró. Wọ́n béèrè pé, “Ṣebí Blake ti fẹ́ obìnrin yìí tipẹ́? Ìgbéyàwó wo ni wọ́n tún ń ṣe?”

Ìbéèrè wọn yẹn ni mo ti fi ń dá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo rà kì í ṣe ìtẹ̀síwájú, èyí tí àwọn olówò ń pè ní síkúẹ̀lì, bí kò ṣe àtúnbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ríbúùtù. Ohun tó pín àwọn méjèèjì níyà ni bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ti àtijọ́ ṣì jẹ́ òtítọ́ nínú ti tuntun. Nínú ìtẹ̀síwájú, òkú àná ti kú, ìgbéyàwó àná ti wáyé, àwọn ọmọ sì ti dàgbà. Nínú àtúnbẹ̀rẹ̀, wọ́n nu gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n mú orúkọ àwọn ènìyàn náà àti ilé wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Dynasty ti 1981 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Blake fẹ́ gbé Krystle níyàwó. Ti 2017 náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Blake fẹ́ gbé Cristal níyàwó. Sammy Jo tó jẹ́ obìnrin nígbà náà ti di ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Sam. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn náà dún kò lè rí i níbẹ̀, bó wù kó wo gbogbo apá rẹ̀ tán, torí pé nínú ayé ti tuntun, ìbọn náà kò dún rárá. Dynasty: The Reunion, tí wọ́n ṣe ní 1991, ni ó yẹ kí n wá fún ìyá mi, nítorí òun ni ó tẹ̀ lé ìbọn náà.

Ọdún orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni àmì tó yá jù láti rí. Ẹ fi Dallas ti 2012 wé Dynasty ti 2017, kí ẹ rí i bí páálí méjì ṣe lè jọra tí ohun inú wọn kò sì jọra. Àwọn méjèèjì jẹ́ orúkọ àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìdílé ọlọ́rọ̀ elépo sì ni méjèèjì dá lé látilẹ̀wá. Ṣùgbọ́n nínú Dallas ti 2012, Larry Hagman tó ṣe J.R. láti 1978 ni ó padà wá ṣe J.R., ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ John Ross àti Christopher, ọmọ Bobby àbúrò J.R., sì ti di géńdé tó ń jà sí epo àti ilẹ̀. Ìtẹ̀síwájú gidi nìyẹn. Nínú Dynasty ti 2017, Fallon ọmọbìnrin Blake ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ bó ṣe wà ní 1981, ẹlòmíràn ni ó sì ń ṣe é. Tí ọdún mẹ́rìndínlógójì bá kọjá láyé, tí ẹnikẹ́ni kò sì dàgbà nínú ìtàn, kí olùrà mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì yìí kò dé. Ojú òṣèré àtijọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó tó, nítorí pé wọ́n lè pè é sínú àtúnbẹ̀rẹ̀ kó wá ṣe ẹlòmíràn fún ìyẹ́sí. Ìtẹ̀síwájú pàápàá lè yan èyí tó wù ú nínú àná: Dallas ti 2012 kò ka àwọn fíìmù àtúnpàdé tí wọ́n ṣe ní 1996 àti 1998 sí rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá òṣèré kan padà wá. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ṣe rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Àtúnṣe, tí wọ́n ń pè ní ríméèkì, rọrùn láti mọ̀: ìtàn kan náà ni wọ́n tún sọ, ní ibòmíràn tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Bí EbonyLife ṣe gbé Desperate Housewives wá sáàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 2015 nìyẹn. Àtúnbẹ̀rẹ̀ mú àwọn ènìyàn, ó sì lọ síbi tó wù ú. Àtúnṣe mú ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti wo ti àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ kó tó sanwó.

Ẹ̀ka, tí wọ́n ń pè ní sípínọ́ọ̀fù, kò pa àná rẹ́, ṣùgbọ́n ó kúrò lẹ́yìn olórí ìtàn, ó sì tẹ̀ lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ wa l'Ékòó mọ̀ ni Fuji House of Commotion ti Amaka Igwe. Nínú Checkmate, eré tẹlifíṣàn tí ó ti yọ, ọ̀rọ̀ Ann Haatrope ni gbogbo rẹ̀ ń yí ká. Chief Fuji, tí Kunle Bamtefa ṣe, àti àwọn ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n fún ilé rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ènìyàn lè gbádùn rẹ̀ láìtíì rí Checkmate rí. Owó irú èyí kì í sábà ṣòfò, àmọ́ ẹni tó bá ń retí kí olórí ìtàn àkọ́kọ́ padà wá yóò jókòó pẹ́.

Jenifa's Diary ni àwọn ènìyàn máa ń bá mi jiyàn lé lórí, torí pé fíìmù Jenifa ti 2008 ni ó ti wá, wọ́n sì ń pè é ní ẹ̀ka. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Jenifa ni olórí ìtàn nínú fíìmù, òun náà ni olórí nínú eré orí tẹlifíṣàn, Funke Akindele kan náà ni ó sì ń ṣe é. Ẹni ẹ̀gbẹ́ kankan kò bọ́ sí iwájú, nítorí náà ìtẹ̀síwájú ni mo kà á sí. Aiyetoro Town, tó kúrò lọ́dọ̀ Jenifa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé rẹ̀, ni ẹ̀ka.

Oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní olùrà tirẹ̀. Ẹni tí kò rí ti àtijọ́ rí lè fi àtúnbẹ̀rẹ̀ wọlé láìsí ìdíwọ́, ìyẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ́ràn àwọn ènìyàn inú ìtàn kan, ìtẹ̀síwájú ni mo máa ní kí ẹ fowó yín sí. King of Boys: The Return of the King, apá méje tí Kemi Adetiba ṣe ní 2021, bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Eniola Salami padà dé láti ìgbèkùn ọdún márùn-ún, gbogbo ohun tí fíìmù 2018 ṣe fún un sì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sanwó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi apá àkọ́kọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ń fi àwọn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ han ara wọn bíi pé wọn kò pàdé rí, ẹ dá díìsì náà padà fún wọn.